Ẹ bá mi wo lẹ́tà yìí kí n tó fún ọmọ náà: olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí kì í bára mu nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì

Tíṣà Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ kan wà tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, SS2 ló wà. Àròkọ rẹ̀ dùn-ún kà, èrò rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń to ìpínrọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń fa máàkì rẹ̀ wálẹ̀: olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kì í bára mu. Báírò pupa kò tíì yanjú rẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe kọ lẹ́tà sí i, kí ó lè mú un délé, kí ó fara balẹ̀ kà á. Mo ti yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún mi.

*Ọmọ mi ọ̀wọ́n,*

*Mo kó gbogbo àròkọ tí o kọ ní táàmù yìí jọ, mo kà wọ́n tẹ̀lé ara wọn láìfi báírò kàn wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé o mọ òfin náà. Níbi tí gbólóhùn bá ti kúrú, o kì í ṣì í. "She likes rice", "They like rice", gbogbo irú ìyẹn ló tọ̀nà. Ibi mẹ́ta ni ẹsẹ̀ rẹ ti ń yọ̀, àwọn mẹ́ta náà ló sì ń padà wá nínú gbogbo àròkọ. Mo mú gbólóhùn márùn-ún jáde nínú lẹ́tà tí o kọ sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nípa ọ̀nà ọjà:*

```
1. The condition of our roads are very bad.
2. One of the gutters are blocked.
3. My father, who sell yams there, have complained many times.
4. The traders does not sells much.
5. Everybody are suffering.
```

*Jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo 1 àti 2. Kí ni o sọ pé kò dára? Kì í ṣe ọ̀nà, ipò tí ọ̀nà wà ni. "Condition" ni olùwà, ẹyọ kan sì ni. Àmọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ máa fi dé ibi ọ̀rọ̀-ìṣe, "roads" ló wà nítòsí, òun ló ṣì ń dún létí rẹ, òun lo sì bá lọ. Bákan náà ni gbólóhùn kejì: gọ́tà kan ló dí nínú gọ́tà tó wà níbẹ̀. Ohun tí wàá máa ṣe nìyí. Mú pẹ́ńsù, wá ọ̀rọ̀-ìṣe, kí o wá máa bọ̀ sẹ́yìn láti ibẹ̀. Tí o bá kan "of", "in", "with" tàbí "for", fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ fa òun àti gbogbo ohun tó wà láàárín òun àti ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ́. Ka ìyókù sókè: "The condition are very bad." Ìwọ fúnra rẹ á gbọ́ pé kò lọ dáadáa.*

*Ibi kejì ni gbólóhùn 4. Lẹ́tà s kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún iṣẹ́ méjì tó takora. Lára ọ̀rọ̀-orúkọ, ó ń sọ pé nǹkan pọ̀: "trader", "traders". Lára ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ń sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é: "he sells". Ohun tí mo rí nínú ìwé rẹ ni pé tí èèyàn bá ti pọ̀, o máa ń fi s sí ọ̀rọ̀-ìṣe náà, bí ẹni pé s túmọ̀ sí púpọ̀ níbi gbogbo. Nínú gbólóhùn yìí, o fi í síbi méjì pàápàá. Tí "do", "does" tàbí "did" bá ti ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e kì í gba s mọ́ láéláé, ì báà jẹ́ ẹnì kan, ì báà jẹ́ igba èèyàn. "He does not sell." Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́yìn "can", "will" àti "must".*

*Ìkẹta ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù, torí pé mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ ọ́ fún ọ rí. Tún àwọn àròkọ rẹ wò. Nínú èyí tí o kọ nípa ayẹyẹ ìparí ọdún, àbúrò rẹ gba "has". Nínú ìpínrọ̀ kan náà, ọ̀gá ilé-ìwé gba "have". Màmá rẹ gba "are", ajá yín gba "is". Nínú lẹ́tà sí alága, bàbá rẹ gba "have". O rí i? Àgbàlagbà ni gbogbo àwọn tí o sọ di púpọ̀. Nílé, o kò lè sọ pé "Bàbá mi ń ta iṣu, ó ti ráhùn tì." "Wọ́n ti ráhùn tì" ni. Ọ̀wọ̀ yẹn lo gbé wọnú Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi púpọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Iye èèyàn nìkan ló ń kà. Bàbá kan, ọba kan, ààrẹ kan, "has" ni gbogbo wọn ń gbà, kò sì sí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀. "Who" inú gbólóhùn yẹn náà ń tẹ̀lé bàbá rẹ, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ "who sells".*

*Ní ti "everybody", mú un bí ẹyọ kan nígbà gbogbo. "Everyone", "nobody" àti "each" náà rí bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe tún un kọ nìyí:*

```
1. The condition of our roads is very bad.
2. One of the gutters is blocked.
3. My father, who sells yams there, has complained many times.
4. The traders do not sell much.
5. Everybody is suffering.
```

*Nínú àròkọ tó ń bọ̀, má ṣe ronú nípa èyí nígbà tí o bá ń kọ ọ́. Kọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, padà sí ìbẹ̀rẹ̀, fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe, kí o sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ta ló ń ṣe ọ́, mélòó sì ni wọ́n?*

*Èmi ni tíṣà rẹ.*

Káyọ̀dé Ọ̀ṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Lẹ́tà náà dáa, àmọ́ ó gùn jù fún ọmọdé. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nígbà tiwa kò ju gbólóhùn kan lọ: s kan ṣoṣo ni kó wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Tí olùwà bá ní s, ọ̀rọ̀-ìṣe kò gbọdọ̀ ní in. Tí olùwà kò bá ní in, kí ọ̀rọ̀-ìṣe gbà á. "The boy plays." "The boys play." Ó parí. Mo fi kọ́ àwọn ọmọ mi méjèèjì, wọ́n sì yege.

Àǹtí Àgbà

Káyọ̀dé, òfin yín yẹn wúlò fún ọmọ prámárì, mi ò ní bù ú kù. Ó ń ran ẹni tó rò pé s túmọ̀ sí púpọ̀ níbi gbogbo lọ́wọ́, ohun tí tíṣà sì sọ ní ibi kejì nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ibi tó ti ń já èèyàn jù sílẹ̀. "Children" kò ní s, "people" kò ní, "police" kò ní. Ọmọ tó bá di òfin yín mú gírígírí á kọ "The children plays" àti "The police arrests". "News" ní s, "Mathematics" ní s, "bus" ní s, ẹyọ kan sì ni gbogbo wọn. "I" àti "you" kò ní s, síbẹ̀ "I play", "you play" ni. Ọmọ SS2 ti kọjá ibẹ̀. Tiẹ̀ wo gbólóhùn àkọ́kọ́ inú lẹ́tà yẹn: òfin s kan ló máa jẹ́ kí ọmọ náà kọ "are", nítorí pé s ara "roads" ló máa kọ́kọ́ rí.

Tíṣà, mo fẹ́ràn lẹ́tà yín. Ọ̀rọ̀ bàbá àti ọ̀gá ilé-ìwé yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Mo kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì rí i léraléra, àmọ́ àwọn tíṣà máa ń kàn fi àmì X sí i ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un. Ọ̀pọ̀ ìwé gírámà ló ń sọ pé kí ọmọ fi "he", "it" tàbí "they" rọ́pò olùwà, kí ó wá fetí sí i. Ó dáa púpọ̀ fún "The condition of our roads": "It is very bad." Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fún ọmọ Yorùbá ní "My father", "they" ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fìdí àṣìṣe náà múlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn, "mélòó sì ni wọ́n", fi dára ju ìrọ́pò lọ. Ẹ má yọ ọ́.

Ẹ tún sọ fún ọmọ náà pé kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí ń ṣì lọ́nà. Ní 1991, Kathryn Bock àti Carol Miller gbé ìwádìí jáde lórí bí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní kí wọ́n máa parí gbólóhùn tó ní irú olùwà gígùn bẹ́ẹ̀, àwọn náà sì ń ṣì í. Ó tún hàn pé àṣìṣe náà ń wọ́pọ̀ jù nígbà tí olórí olùwà bá jẹ́ ẹyọ, tí ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe sì jẹ́ púpọ̀. Nígbà tó bá jẹ́ òdìkejì, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ padà wo ìwé ọmọ yẹn: "condition… roads", "one… gutters". Ibi tó yẹ kí ó fi pẹ́ńsù ṣọ́ jù nìyẹn.

Tíṣà Ṣakí

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Àbá tèmi yàtọ̀. Ìdánwò WAEC ń fún wọn ní àkòrí tí wọ́n lè ṣà. Ọmọ tó bá ní ìṣòro yìí, kí ó máa yan ìtàn. Tí ó bá ti ń sọ ohun tó ti kọjá, "I saw", "they ran", "my father shouted", ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà, ẹyọ ni o, púpọ̀ ni o. "Was" àti "were" nìkan ló kù tó máa ṣọ́. Lẹ́tà sí alága, àpilẹ̀kọ fún ìwé ìròyìn àti àríyànjiyàn ló kún fún "is", "has" àti "does". Mo máa ń sọ fún àwọn tèmi pé kí wọ́n sá fún un.

Àǹtí Àgbà

Ohun tí ẹ sọ nípa ìtàn jẹ́ òótọ́, ó sì tún fi hàn wá pé kí a má fi àròkọ ìtàn wo bóyá ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ lè kọ ìtàn mẹ́ta láìní àṣìṣe kan, kí ẹ rò pé ó ti gbọ́. Ẹ fún un ní lẹ́tà sí kọmíṣọ́nnà, ẹ óò rí i. Ṣùgbọ́n sísá fún un kọ́ ni mo máa gbà ọmọ nímọ̀ràn. Nínú ìdánwò, àkòrí ìtàn tó bá wà lè má bá a lára mu, ọmọ yìí gan-an sì mọ lẹ́tà kọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ná an. 50 ni máàkì àròkọ: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ìtòlẹ́sẹẹsẹ, 20 fún bí èdè ṣe lọ sí, 10 tó kù fún gírámà, àmì ìdánudúró àti sípẹ́lì. Nínú 10 yẹn, ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ogún àṣìṣe, ó ti tán. Nínú àwọn gbólóhùn márùn-ún tí tíṣà fi hàn wá, mo ka méje, torí pé gbólóhùn 3 ní méjì, 4 náà ní méjì. Máàkì mẹ́ta àbọ̀ ti lọ, àròkọ tí kò gbọdọ̀ dín ní 450 ọ̀rọ̀ kò sì tíì dé ìdajì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ nínú 50 tí wọ́n ní fún àròkọ, kí wọ́n lò ó fún ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Kí wọ́n má wo sípẹ́lì, kí wọ́n má wo kọ́mà. Ẹni tó bá ń wá gbogbo àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan náà kì í rí èyí.

Tíṣà Ṣakí

Mo gbọ́, mà. Àmọ́ ọmọ tó ku oṣù méjì kó wọ ìdánwò, mo ṣì máa ní kí ó yan ìtàn.

Ìyá Pọ́bẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Láti ilẹ̀ Benin ni mo ti ń kọ̀wé. Faransé ni ọmọ tèmi fi ń kàwé, ìṣòro yìí gan-an ló sì ní. Ó máa ń kọ "ils mange" dípò "ils mangent". Mo ti ní kí ó máa ka àròkọ rẹ̀ sókè bí tíṣà ṣe wí, kò sì ràn án lọ́wọ́ rárá. Kí ni mo lè ṣe? Ṣé kí n lo lẹ́tà yìí fún un?

Tíṣà Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́, mi ò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo rí i pé ohun tó ń ṣe ọmọ yín yàtọ̀ díẹ̀. "Mange" àti "mangent" ìró kan náà ni lẹ́nu. Kò sí bí etí ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ì báà kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, s ara "sells" ń dún, etí lè bá ọmọ mú un. Ní tiyín, ojú ló máa ṣiṣẹ́. Kí ó fa ìlà láti ara "ils" dé ara ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó sì wo ìparí rẹ̀.

Àǹtí Àgbà

Tíṣà, ẹ má fọkàn tán etí jù fún àwọn ọmọ tiwa náà. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń fi kọ́nsónáǹtì parí. Ọmọ lè gbọ́ s nínú "goes" àti "has". Àmọ́ nínú "asks", "costs" àti "insists", kọ́nsónáǹtì pọ̀ níbi ìparí, ẹnu wa á gbé s mì, ọmọ tó ń kàwé sókè á sì rò pé òun ti pè é. Kí ẹ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dán an wò. Ẹ ní kí ó ka "It costs a lot" fún yín láìwo ìwé. Tí ẹ kò bá gbọ́ s kẹ́yìn, ojú ni kí òun náà máa lò fún àwọn yẹn.

Ìyá Pọ́bẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lè má jẹ́ ìṣòro ọmọ yín bíi ti ọmọ yìí. Ẹ kó ìwé rẹ̀ jọ kí ẹ wò ó. Bó bá jẹ́ àwọn àgbàlagbà nìkan ló ń fún ní púpọ̀, ẹ óò rí i.

Ìyá Pọ́bẹ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. "Mon père ont" wà níbẹ̀ lóòótọ́, lórí bàbá bàbá rẹ̀ náà. Mi ò rí i rí. Àmọ́ "ils mange" ló pọ̀ jù.

Fẹ́mi Pẹ́kámù

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni èmi wà. Ọmọbìnrin mi kò gbọ́ Yorùbá tó nǹkan, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ láti kékeré, síbẹ̀ "we was" àti "you was" ló kún ìwé rẹ̀. Nítorí náà, mi ò gbà pé Yorùbá ló ń fa èyí.

Àǹtí Àgbà

Fẹ́mi, "we was" ti ọmọ yín, láti ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń sọ ọ́ ní àdúgbò ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, etí rẹ̀ sì gbà á pé ó tọ́. Kò sí ọgbọ́n fífetí sí i tó máa mú un. Sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lójú pópó kọ́ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, kí ó sì há "were" sórí fún "we", "you" àti "they". Ti ọmọ tíṣà yìí, ẹni tó ń fún àbúrò ní "has", tó ń fún ọ̀gá ní "have", kò sí ibòmíràn tó ti lè rí ìyẹn ju ilé lọ. Ẹ wo ibi tí àṣìṣe wà, òun ló ń sọ ibi tó ti wá.

Káyọ̀dé Ọ̀ṣogbo

Mo gbà nípa "children" àti "news". Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló tọ́ nínú "The committee has" àti "The committee have"? Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fa ìlà pupa sí "have" tí mo kọ.

Àǹtí Àgbà

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìlú ọba gba méjèèjì. Tí ọkàn yín bá wà lára ìgbìmọ̀ lódindi, "has". Tí ó bá wà lára àwọn èèyàn inú rẹ̀, pàápàá tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan, "have". Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn "has" jù. Fún ọmọ ilé-ìwé, "has" ni mo máa ń sọ, kí ó sì dì í mú títí dé òpin. Ohun tí mo máa ń yọ máàkì fún ni "The committee has met and they have…" nínú gbólóhùn kan náà.

Tíṣà Ṣakí

Níbi yìí, mà, mi ò gbà. Mo máa ń kọ́ àwọn tèmi pé "has" nìkan ló tọ́. Tí a bá sọ méjèèjì fún ọmọ, á kàn máa mú èyí tó bá wù ú ni.

Tíṣà Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Màá fi "asks" àti "costs" sínú lẹ́tà náà, màá sì yọ ìlà tí mo fi ní kí ó fetí sí i lásán, kí ó fi ojú kún un. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀, mi ò ní gbé e wọ inú rẹ̀ báyìí, torí kò tíì ṣì í. Ìbéèrè kan ló kù. Ọmọ náà kọ "She is one of the girls who sings in our choir." Mo fẹ́ sọ pé "sing" ni, nítorí àwọn ọmọbìnrin tó ń kọrin pọ̀, òun sì wà lára wọn. Àmọ́ mo ti sọ fún un nínú lẹ́tà yìí pé "one of" ń gba ẹyọ. Ṣé kò ní dà á rú?

Àǹtí Àgbà

Ẹ̀yin lẹ jàre, "sing" ni, nítorí "girls" ni "who" ń tẹ̀lé. Àmọ́ ẹ fi sílẹ̀ di táàmù tó ń bọ̀. Kí "One of the gutters is" kọ́kọ́ mọ́ ọn lára.

Káyọ̀dé Ọ̀ṣogbo

Mo rò pé "sings" ló tọ́ o. Òun nìkan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ̀.